Ẹ̀rọ Méjì Kì Í Dìde Pọ̀

Ẹ̀rọ méjì ni mo ní ní ìsọ̀ mi l'Ọ̀yọ́, ọ̀kan fún ẹ̀gẹ́, ọ̀kan fún ata. Ọkọ mi ló ra ti ẹ̀gẹ́ kó tó kú, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ra ti ata. N kò mọ ìwé kà, ọmọ ọmọ mi ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí ó fi funfun, yóò mọ ohùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ.

Òfin kan ló wà ní ìsọ̀ mi, gbogbo oníbàárà ló sì mọ̀ ọ́n. Bí a bá fẹ́ tan ẹ̀rọ, a kì í kọ́kọ́ da ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu. A ó jẹ́ kó dìde lófìfo, kí ohùn rẹ̀ tẹ́jú, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ ata yóò dúró kí ti ẹ̀gẹ́ fara balẹ̀ ná. Bí iná ìjọba bá lọ tí a bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo ní, òfin yẹn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbójú lé e tó tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, gílóòbù tó wà lókè orí wa yóò pọ́n bí ojú ẹni tó ń ṣàìsùn, jẹnẹrétọ̀ yóò kérora, èéfín dúdú yóò tú jáde, yóò sì kú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n bá dìde tẹ̀lé ara wọn, á gbé méjèèjì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ìsọ̀ yẹn ni ọmọ mi ọkùnrin dàgbà sí. Ó wà ní kékeré nígbà tó bi mí pé kí ló dé tí gílóòbù fi ń ṣẹ́jú bí ẹ̀rọ bá fẹ́ dìde. Mo ní kó wo alábàárù. Nígbà tó bá ń gbé àpò gàárì kúrò nílẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yóò yọ, yóò pariwo. Bó bá ti nàró tán, yóò máa rìn lọ, yóò tún máa bá èèyàn ṣàwàdà. Ìdìde ló le, ìrìn ò le. Ó gbọ́, kò sì gbàgbé. Iṣẹ́ iná ló padà kọ́, ó sì di ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ bí ọ̀rọ̀ bá di ti jẹnẹrétọ̀ ńlá.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àbúrò mi obìnrin lọ́kọ sí. Ilé wọn kò jìnnà sí Sábó. Gàárì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ yan, èéfín ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ mí. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Bó bá dé sí i, á jókòó, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á máa fa èémí bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga tó ti gbẹ. Kò sí òògùn tó ń mú un rọlẹ̀ àfi ọ́síjìn. Nígbà kan, inú sílíńdà ló máa ń wà, ó sì ń tán. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ní ká lọ wá a níbòmíì.

Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ kọ́ apá tuntun, tí wọ́n ní wọn yóò gbé ẹ̀rọ ńlá kan síbẹ̀ tí yóò máa ṣe ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́, tí yóò sì gba inú páìpù ara ògiri dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú àbúrò mi dùn ju ti àwọn dókítà lọ. Ó pè mí lórí fóònù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ògiri ni yóò máa bá mi mí báyìí."

Mo ní, "Ìwọ ṣáà máa mí fúnra rẹ náà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ọmọ mi ni wọ́n pè kó wá sọ irú jẹnẹrétọ̀ tí yóò gbé apá tuntun náà. Ọjọ́ méjì ló fi ń lọ láti yàrá dé yàrá tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó dé Ọ̀yọ́, ìsọ̀ ló wá tààrà, ó jókòó sórí àpò, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀.

Ó ní, "Màámi, mo bá olùkọ́ àgbà pàdé lónìí."

Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn náà ló ń sọ, ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó ní alága ti ṣírò tirẹ̀ kí òun tó dé. Ó ro iná àti fáànù, ó ro ẹ̀rọ ọ́síjìn, ó ro ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, ó ro ẹ̀rọ amúlétutù yàrá iṣẹ́ abẹ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta KVA, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìwọ̀n jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun sì ti ra ti ọgọ́ta, ó ti wà lójú omi. Alága ní, "Ọgọ́ta yọ àádọ́ta, ó ku mẹ́wàá. Kí lo tún fẹ́?"

Mo bi í pé, "Kí lo wá sọ?"

"Mo ní, 'Ẹ̀yin bàbá, ohun tí wọ́n ń fà nígbà tí wọ́n bá ń rìn lẹ ṣírò yẹn. Ẹ ò ṣírò ohun tí wọ́n ń fà nígbà tí wọ́n bá ń dìde.' Ẹ̀rọ ọ́síjìn yẹn nìkan, bó bá fẹ́ dìde gbà-á, á fa ìlọ́po mẹ́fà ohun tó ń fà bó bá ń rìn. Òun nìkan yóò fa ọgọ́fà. Bí wọ́n bá fẹ́ kó máa dìde bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àádọ́jọ ni kí wọ́n rà. Bí wọ́n bá fi sítátà tó ń mú un dìde díẹ̀díẹ̀ sí i, ọgọ́rùn-ún á tó, ọkàn á sì balẹ̀."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní òun ti ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò kí wọ́n tó bí mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀bùn ti ń bọ̀ lọ́nà, ta ni yóò sọ fún olóore pé ẹ̀bùn rẹ̀ kéré? Àwọn ọmọ ìlú náà ti kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí i lára. Ọmọ mi wá ronú bí ọgọ́ta yóò ṣe ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó fi sítátà sí ẹ̀rọ ọ́síjìn, kó má baà dìde gbà-á. Ó wá to ẹrù tí jẹnẹrétọ̀ yóò gbé sí ìpele ìpele, ó fi táímà tó ń ka àkókò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí iná. Bí iná ìjọba bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ bá dìde, iná yàrá iṣẹ́ abẹ àti ti wọ́ọ̀dù ni yóò kọ́kọ́ tàn. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ka ení títí dé ẹ̀wá, ẹ̀rọ ọ́síjìn yóò dìde, nígbà tí èjìká jẹnẹrétọ̀ ṣì fúyẹ́. A ó tún dúró kí ohùn rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti omi. Ẹ̀rọ amúlétutù àti iná gbọ̀ngàn àlejò ló kẹ́yìn.

Ó ní, "Màámi, ìsọ̀ yín ni mo kọ́ síbẹ̀ yẹn. Yóò gbé e, àmọ́ èémí ló fi ń gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà ṣíwájú ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí apá tuntun, èmi àti àbúrò mi lọ. Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ náà, ó wé gèlè, ó ń fi ọmọ mi han àwọn èèyàn pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe iná yẹn." Lẹ́mọ́ọ̀mù gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, ìjòyè kan gé ríbọ́ọ̀nù. Alága ní kí wọ́n pa iná ìjọba kí gbogbo ayé lè rí ẹ̀bùn náà lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n pa á. Jẹnẹrétọ̀ dún. Wọ́ọ̀dù tàn, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí àwọn àlejò wà ṣókùnkùn, fáànù dúró, ooru bò wá. Ìpele wa ló kẹ́yìn. Èmi mọ̀ ọ́n, mo ń kà á nínú mi. Àwọn tó kù kò mọ̀.

Ẹnìkan wí lẹ́yìn pé, "Ṣé kò ti kú báyìí?"

Ẹlòmíì ní, "Ó ń wọ bàtà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín tó tán, iná gbọ̀ngàn tàn. Ṣùgbọ́n ojú ti ti alága. Ẹni tó ń ya fídíò náà ní òun kò rí nǹkan kan yà nínú òkùnkùn, kí wọ́n tún un ṣe. Alága pe ọmọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kò ṣeé ṣe. Ìjòyè dá sí i. Ọmọ mi tún dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ.

Wọ́n wá rántí pé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Alága rìn bọ̀ wá bá mi, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀. Òní nìkan ni. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tó fi owó wọn ṣoore máa wo òkùnkùn nínú fídíò."

Bí àgbà bá ti kó ọ̀rọ̀ wá bá ìyá báyìí lójú àwùjọ, kò tún sí ibi tí ọmọ fẹ́ yà sí. Mo mọ̀ ọ́n, àwọn náà mọ̀ ọ́n, ìdí tí wọ́n fi wá nìyẹn. Àbúrò mi sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un o, kó má baà dà bí alágídí."

Èmi tí mo mọ òfin. Èmi tí mo ti lé oníbàárà jáde ní ìsọ̀ nítorí rẹ̀. Mo pe ọmọ mi, mo ní, "Gbọ́ tiwọn. Òní nìkan."

Ó wò mí. Ó lọ síbi àpótí, ó yí gbogbo táímà padà sí òdo.

Wọ́n tún pa iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ dún, gbogbo ilé tàn yàà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí.

"Màámi, kò gbé e o. Táǹkì tí ẹ̀rọ ń kó ọ́síjìn sí kún, táǹkì omi kún, yàrá iṣẹ́ abẹ ṣì tutù. Àwọn ẹ̀rọ ńlá yẹn ò dìde rárá, inú wọn yó. Iná àti fáànù lẹ̀ ń rí yìí."

Nígbà tí ayẹyẹ tán, ó padà síbi àpótí láti dá táímà padà. Wọ́n ti tì í. Kọ́kọ́rọ́ ti bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ síbi àsè. Ó padà lọ ní ọjọ́ Ajé. Alága ní gbogbo ìlú ló fi ojú ara wọn rí i pé ọgọ́ta gbé e, pé ìdádúró tó ń sọ yẹn, ọgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni kí wọ́n lè máa pè é wá ṣiṣẹ́. Ọmọ mi kọ lẹ́tà. Wọn kò dá a lóhùn. Ó kọ òmíràn. Ó ń fẹ́ lọ kọ ẹ̀kẹta, èmi ni mo tún sọ fún un pé, "Fi wọ́n sílẹ̀. O ti sọ tìrẹ." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nǹkan ò tètè bàjẹ́, ìyẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ìgbà mìíràn, jẹnẹrétọ̀ á dìde, á kú, wọ́n á tún un tan, á sì gbé e, nítorí pé inú àwọn táǹkì ṣì kún. Wọ́n á ní dísù tó ń mu ni kò dára.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n gba àbúrò mi sí wọ́ọ̀dù obìnrin. Eruku ti wọ̀ ọ́ láyà. Mo kúrò l'Ọ̀yọ́, mo lọ dúró tì í. Ọ̀pá kékeré kan jáde lára ògiri, rọ́bà wà lára rẹ̀ dé imú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń bú mi pé mo ń hanrun.

Ní ọjọ́ kẹrin, iná ìjọba ti lọ láti òwúrọ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ pa á kó lè sinmi, kó sì da dísù sí i. Dísù tó wà nílẹ̀ kò tó, wọ́n lọ gbé òmíràn wá. Wọ́ọ̀dù kún lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fa ọ́síjìn, àwọn nọ́ọ̀sì ń fọ nǹkan. Táǹkì méjèèjì ń lọ sílẹ̀. Yàrá iṣẹ́ abẹ ti gbóná. Gbogbo ẹ̀rọ tí ebi kò pa lọ́jọ́ fídíò, ebi ń pa wọ́n báyìí, wọ́n sì ń dúró de ìró kan ṣoṣo.

Òṣìṣẹ́ náà tan án. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dún, iná tàn, gílóòbù sì pọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kérora, ó sì kú. Mo dìde dúró. Ó tún tan án, ó tún kú bákan náà.

Àbúrò mi wò mí. Rọ́bà wà ní imú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń tinú rẹ̀ jáde ti ń fẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀sì sáré lọ wá sílíńdà. Ẹyọ kan ló kù, ó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, lára obìnrin tí wọ́n ti là níkùn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Ta ni yóò ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo sáré jáde lọ sílé jẹnẹrétọ̀. Òṣìṣẹ́ náà ti tú fílítà tó ń sẹ́ dísù, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, dísù ti bò ó lọ́wọ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, dísù kọ́. Ẹrù ni. Yọ ti omi kúrò, yọ ti amúlétutù, jẹ́ kó dìde lófìfo."

Kò gbójú sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí wọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kọ́ lèyí."

"Ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́."

"Ẹ ṣáà lọ gbàdúrà, ẹ̀yin ìyá."

Mo wo àpótí iná. Bíréékà tí wọ́n fi ń yọ iná tò síbẹ̀ lọ bí eyín, wọ́n kọ nǹkan sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò mọ èyí tó jẹ́ ti omi, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọ́síjìn. Gíláàsì wà níwájú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti tì í. Mo tẹ ọmọ mi láago, kò tètè wọlé. Nígbà tó wọlé, mo gbé fóònù sí òṣìṣẹ́ náà létí. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi níta bó ti wà létí ẹlòmíì. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo rẹ̀. Ẹ tan án lófìfo. Ẹ dá ti wọ́ọ̀dù padà. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá. Ẹ dá ti ọ́síjìn padà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ti omi."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ dá fílítà padà sáyè rẹ̀. Kò lè ṣàì ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti tú u. Ìyẹn pẹ́. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó ṣí àpótí, ó yọ gbogbo bíréékà. Ó tan án. Jẹnẹrétọ̀ dìde pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ tẹ́jú. Ó dá wọ́ọ̀dù padà. Mo kà á sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ó dá ọ́síjìn padà. Jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí alábàárù tó bá àpò pàdé, ó sì nàró. Kò kú. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní kò gbọ́ràn, ó gbọ́ràn.

Nígbà tí mo padà dé wọ́ọ̀dù, gbogbo gílóòbù ń tàn. Nọ́ọ̀sì ti yọ rọ́bà ní imú àbúrò mi, ó ń ká a. Wọn kò tíì kírun Àsárì.

Ọmọ mi dé kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀. Ó lọ sídìí àpótí kó tó wá bá mi, ó dá gbogbo táímà padà sí bí ó ti wà. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì mí. Kò sọ ohun tí mo ti ṣe. Títí di òní, kò sọ ọ́ rí. Ì bá wù mí kó sọ ọ́.

Alága wá kí wa. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí a gba kádàrá. Mo ní àmín. Òun ló bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló sọ ọ́.

Ní àìpẹ́ yìí, ìyàwó ọmọ àbúrò mi bímọ ní ilé ìwòsàn náà. Mo lọ kí i. Ọmọ náà ń sùn, mo gbé e lé itan. Iná ìjọba lọ. Mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ dún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení. N kò tíì ka èjì tí wọ́ọ̀dù fi tàn, gbọ̀ngàn tàn, fáànù yí, amúlétutù dún, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bi nọ́ọ̀sì pé ta ló tún yí i.

Ó ní, "Àwọn àlejò kan wá láti òkè òkun lóṣù tó kọjá, Màmá. Wọ́n ní kó má dá wọn dúró sínú òkùnkùn. Ó dára báyìí, àbí?"

Mo wo ògiri, níbi tí ọ̀pá kékeré yẹn ti yọ jáde. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, rọ́bà wà ní imú rẹ̀. Mo da ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, mo tẹ ọmọ mi láago. Ó gbọ́ mi dé ìparí.

Ó ní, "Màámi, wọ́n ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àpótí iná."